Owó Tí Ẹ Máa Kó Dání Kí Ẹ Tó Gbalé ní Èkó

Ẹ̀yin tó ń kó bọ̀ wá sí Èkó láti ìlú mìíràn ni ìwé yìí wà fún. Ẹjọ́ kan náà ló ń dé orí káńtà wa ṣáá, níbi tí a ti ń gba ẹ̀sùn àwọn ayálégbé. Ayálégbé fẹ́ gba owó káṣọ̀n rẹ̀ padà, ó na rìsíìtì kan ṣoṣo sí wa. Wọ́n kọ “tótà pákéèjì” sórí rẹ̀, wọ́n kọ iye owó sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Onílé ní káṣọ̀n kankan kò tẹ òun lọ́wọ́. Ágẹ́ǹtì kò gbé fóònù mọ́.

Iye tí wọ́n pè kọ́ ni ẹ máa san

Bí ágẹ́ǹtì bá ní yàrá àti pálọ̀ kan ní Ìkòròdú jẹ́ ₦400,000, owó ilé nìkan ló pè yẹn. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n tún gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún kọmíṣọ́n ágẹ́ǹtì, àti ìdá mẹ́wàá mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì: ₦40,000 lọ́nà méjì. Bí káṣọ̀n bá jẹ́ ₦50,000, gbogbo rẹ̀ di ₦530,000.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ti Òṣogbo bọ̀ pẹ̀lú ₦600,000. Ó rò pé bí òun bá san owó ilé, ₦200,000 yóò ṣẹ́ kù fún ọkọ̀ akẹ́rù àti ohun èlò ilé. Ṣùgbọ́n bó bá san gbogbo owó yòókù, ₦70,000 péré ló máa ṣẹ́ kù fún un. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó kọ́kọ́ yọ owó ẹrù àti ohun èlò sẹ́yìn, ká ní ₦150,000, kó sì fi èyí tó kù wá ilé. Ilé ₦330,000 ni apá rẹ̀ ká: ₦33,000 fún kọmíṣọ́n, ₦33,000 fún àgírímẹ́ǹtì, ₦50,000 fún káṣọ̀n, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦446,000. Lọ́dún kejì, bí onílé kò bá fi kún un, ₦330,000 náà ló máa san. Ẹ má gbà kí wọ́n tún gba kọmíṣọ́n lọ́wọ́ yín nígbà náà.

Rìsíìtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé bí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ bá gba káṣọ̀n tàbí owó ìtọ́jú ilé mọ́ owó ilé, ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ayálégbé tún lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì owó ilé lọ́tọ̀, ti káṣọ̀n lọ́tọ̀, ti kọmíṣọ́n lọ́tọ̀, ti àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Lórí ti owó ilé, ẹ wo ọjọ́, orúkọ onílé, orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé, iye owó, àti ìgbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí. Lórí ti káṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé owó tí wọ́n máa dá padà ni. Bí ágẹ́ǹtì bá ní “ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀,” ẹ má tíì sanwó. A mọ̀ pé ojú máa ń kán ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ rìsíìtì kí ẹ tó háyà ọkọ̀.

Kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ ya fọ́tò ògiri, síńkì, ilẹ̀kùn àti àwọn fèrèsé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ògiri tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ owó káṣọ̀n.

Ọdún méjì

Òfin kan náà kò gba onílé láàyè láti béèrè ju owó ilé ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Òfin yìí kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà.

Mítà àti ohun èlò

Ẹ ra iná díẹ̀ sórí mítà kí ẹ tó sanwó ilé. Bí wọ́n bá yọ gbèsè kúrò nínú rẹ̀, ẹni tó kó jáde ló jẹ ẹ́. Ẹ ní kí onílé san án.

Mátírẹ́ẹ̀sì, sítóòfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti fáànù tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn fèrèsé kí ẹ tó ra kọ́tìnì.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa

Ẹ mú àgírímẹ́ǹtì, gbogbo rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì, àwọn fọ́tò náà àti nọ́ńbà fóònù onílé. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó fọ́ọ̀mù lẹ́nu géètì. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù lórí káńtà.