Bọ́tìnì Tó Mọ Ìpè Jẹ́

Bí wọ́n bá pe ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nínú ilé, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó dáhùn. "Ẹ̀ẹ́n, mà" á ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó dìde, kó tó wá bàtà, kó tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an. Iṣẹ́ lè pẹ́, ìdáhùn kò gbọdọ̀ pẹ́. Bọ́tìnì orí fóònù náà nìyẹn. Nígbà tí ìka bá kan bọ́tìnì "Fi owó ránṣẹ́", nǹkan méjì ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnì á kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́, lẹ́yìn náà ni owó á wá máa lọ. Ti owó wà lọ́wọ́ báǹkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti ìdáhùn wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ áàpù náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè dá lẹ́bi.

Ẹni tó tẹ bọ́tìnì tí kò rí i kó mira á rò pé òun kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á sì tún un tẹ̀. Tí áàpù náà kò bá ti bọ́tìnì pa lẹ́yìn ìtẹ̀ àkọ́kọ́, owó lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Títì í pa ni òfin àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í pa iyèméjì tó wà lọ́kàn ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì gan-an ni ìyẹn kù sí lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe yẹ kí ìdáhùn yá tó? Nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n máa ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní mìlísẹ́kọ́ńdì, tí wọ́n ń kọ ní ms. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1993 pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín 100 ms, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀rọ ń fà. Fún bọ́tìnì, èmi ò ka 100 ms yìí sí ìgbà tí ìdáhùn yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yẹ kó ti hàn gbangba ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé iye àkókò nìkan ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n ṣe pín ìrìn sínú àkókò náà tún ṣe pàtàkì. Ohun tó wúwo kì í ṣàdédé gbéra, kì í sì í ṣàdédé dúró. Eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì ń dín kù. Àwọn tó ń ya kátúùnù ti mọ èyí tipẹ́. Frank Thomas àti Ollie Johnston, tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún Disney, kà á mọ́ àwọn ìlànà méjìlá tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ní 1981.

Lórí fóònù, ìlà kan ni wọ́n fi ń sọ bí ìrìn náà ṣe máa rí. Ẹ ya àpótí onígun mẹ́rin sórí bébà. Láti òsì lọ sí ọ̀tún ni àkókò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni ibi tí ìrìn dé. Ìlà náà gbéra ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó sì parí sí igun òkè lápá ọ̀tún. Tó bá lọ tààrà, eré kan náà ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú á sì rí i pé kò ní ẹ̀mí. Tó bá yára gòkè níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń tẹ́ lọ, ìrìn náà á fi eré gbéra, á sì rọra dúró: èyí ni kóòdù ń pè ní `ease-out`. Òdìkejì rẹ̀, tó ń lọ́ra gbéra tó wá ń sáré níparí, ni `ease-in`. Òǹkà mẹ́rin ló ń pinnu bí ìlà náà ṣe máa tẹ̀. Ti `ease-out` ni `cubic-bezier(0, 0, 0.58, 1)`. Orúkọ Pierre Bézier ló wà nínú kóòdù yẹn, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé, tó ń fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ya ara mọ́tò ní àwọn ọdún 1960. Ọ̀rọ̀ fóònù kò sí níbẹ̀ nígbà náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká gbé bọ́tìnì "Fi owó ránṣẹ́" wò. Ká ní ojú fóònù fẹ̀ tó 360 nínú ìwọ̀n tí Android ń lò, tí bọ́tìnì sì fẹ̀ tó 328. Tí ìka bá kàn án, a fẹ́ kó sún kì díẹ̀, kó ku ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé á fi nǹkan bíi 10 dín, 5 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹni tó kọ ọ́ fún un ní 300 ms, tó sì yan `ease-in`. Lẹ́yìn 100 ms, ìrìn náà kò tíì ju ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá 16 nínú 5 kò pé 1. Kò sí ojú tó máa rí i. Ẹni tó bá yára tẹ̀ sì lè ti gbé ìka rẹ̀ kúrò nígbà náà. Ẹ wá fi `ease-out` rọ́pò, ẹ má fọwọ́ kan 300 ms. Ní 100 ms kan náà, ìrìn ti dé ìdá 49. Bọ́tìnì kan náà ni, àkókò kan náà ni, àmọ́ ọ̀kan dà bí ẹni tó dití, èkejì ti dáhùn. Bí ẹ bá wá dín 300 kù sí 80, gbogbo ìrìn náà á ti parí kí 100 ms tó pé.

Ìgbà tí ìka bá kúrò yàtọ̀. Nígbà títẹ̀, àtàǹpàkò bo bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì ń retí ìdáhùn. Nígbà tí ìka bá gbéra, ojú wá ráyè wo bọ́tìnì bó ṣe ń padà sí ààyè rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń lé e. Tí ìpadà náà bá yá bíi ti àkọ́kọ́, á dà bíi pé nǹkan ta. Ní tèmi, ìlọ́po méjì tàbí díẹ̀ sí i ló tọ́, nǹkan bíi 180 ms. `ease-out` náà ló yẹ ìpadà, nítorí ìdáhùn ni òun náà, ìdáhùn sí ìka tó gbéra. Ohun tó ń jáde lójú fóònù pátápátá ni `ease-in` yẹ. Bọ́tìnì kò jáde lọ síbì kankan.

Nínú áàpù tí wọ́n fi CSS kọ, ìlà díẹ̀ tó fún gbogbo èyí:

```css
.firanse {
  transition: transform 180ms ease-out;
}
.firanse:active {
  transform: scale(0.97);
  transition-duration: 80ms;
}
```

Àkókò tí wọ́n kọ sí ipò tí bọ́tìnì ń lọ ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí 80 fi wà lábẹ́ `:active`, tí 180 sì wà lókè fún ìpadàbọ̀.

Kí ni ká ṣe fún ẹni tí ìka rẹ̀ yá ju 80 ms lọ? Ká ní ó gbé ìka ní 50 ms, nígbà tí bọ́tìnì kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ibi tó bá a náà ló gbọ́dọ̀ ti yí padà. `transition` mọ èyí ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn tó bá lo `@keyframes` ni bọ́tìnì wọn ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, tí ojú á rí i bí ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú. Android náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú àwọn bọ́tìnì rẹ̀ àtijọ́. Tí ìka bá kúrò nínú ohun tí wọ́n ń yí sókè yí sódò kí bọ́tìnì tó fi àmì títẹ̀ hàn, ẹ̀rọ á ṣì fi àmì náà hàn fún 64 ms, kí ojú lè rí nǹkan.

Ìsúnkì nìkan kò tó, ká sọ òótọ́. Bọ́tìnì tó fẹ̀ tó 328 ní etí méjì tí ìka kò bò, ṣùgbọ́n àmì kékeré tó fẹ̀ tó 24 kì í fi odindi 1 dín tó bá kù sí ìdá 97. Kó kù sí 90 ló tọ́ sí irú ìyẹn. Fún èyí tó ń rán owó, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ náà dúdú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọ̀ ń hàn yíká ìka.

Àwọn kan tún fẹ́ràn bọ́tìnì tó ń fò sókè kọjá ààyè rẹ̀ kó tó padà sílẹ̀. Òǹkà kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń gbé kọjá 1, bíi `cubic-bezier(0.34, 1.56, 0.64, 1)`. Ó dùn ún wò nínú géèmù. Ṣùgbọ́n níbi tí èèyàn ti fẹ́ fi owó ilé ìwé ọmọ ránṣẹ́, bọ́tìnì tó ń jó kò bójú mu.

Fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń tú àṣírí gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ fóònù ń ya àwòrán 60 sójú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkan ní 16.7 ms. Nínú 80 ms, nǹkan bí àwòrán márùn-ún péré ni. Tí áàpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ píìnì wò, tó tún ń pe sáfà lórí ìlà iṣẹ́ kan náà tó ń ya bọ́tìnì, mẹ́ta nínú márùn-ún lè sọnù, ìlà tó dára jù lọ á sì di òfo. Irú bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá ń yí `width` padà dípò `transform`. Ẹ̀rọ á tún gbogbo ohun tó yí bọ́tìnì ká tò ní àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà wà láti fi ojú rí i. Lórí Android, ẹ ṣí `Developer options`, ẹ gbé `Animator duration scale` sí `10x`, kí 80 di 800. Ẹ óò rí i bóyá ìrìn ń fi eré gbéra tàbí ó ń lọ́ra, àti bóyá ó ń fò nígbà tí ẹ bá yára gbé ìka. (Bọ́tìnì inú ojú ewé tí CSS kọ kì í tẹ̀ lé ètò yìí, nínú kóòdù ni ẹ ti máa fi odo kan kún òǹkà rẹ̀.) Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà, kí ẹ fi àtàǹpàkò yín dán an wò lórí fóònù tó rẹlẹ̀ jù tí àwọn kọsítómà yín ń lò. Máòsì orí kọ̀ǹpútà kì í bo bọ́tìnì, kò lè sọ òótọ́ fún yín.

Àwọn kan wà tí ojú wọn ń pòòyì tí nǹkan bá ń sún lójú fóònù. Ètò wà fún wọn: `Remove animations` lórí Android, `Reduce Motion` lórí iPhone. Ẹ̀yin tó ń kọ áàpù, tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti tan ètò yìí, ẹ yọ ìsúnkì kúrò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọ̀ tó ń yí padà sílẹ̀ fún wọn.