Omi Tó Ń Bá Ìgbẹ́ Gbuuru Lọ

Nígbà tí onígbáméjì wọ ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2024, ìyá kan l'Ágọ̀-Ìwòyè bi mí pé, "Bàbá, mo fún ọmọ ní ORS, ó ṣì ń yàgbẹ́. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

Ẹ̀yin òbí, ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró. Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ọmọ ló ń dá padà. Ṣúgà inú ẹ̀ ló ń mú iyọ̀ wọ ara láti inú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀ náà. Ẹ má rò pé torí adùn ni ṣúgà ṣe wà ńbẹ̀.

Mo ní kó fi bó ṣe pò ó hàn mí. Ọ̀rá oní-lítà kan ló tú sínú píọ́ wọ́tà kan ṣoṣo, 50cl! Iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì lè túbọ̀ fa omi kúrò lára ọmọ. Píọ́ wọ́tà méjì ló yẹ. Ẹ ka ara ọ̀rá kẹ́ ẹ tó pò ó. Tó bá di wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì á mu bíi 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ẹ̀.

Bójú ẹ̀ bá jìn, tí àwùjẹ̀ ẹ̀ wọnú, tí ò lè mu nǹkan mọ́, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni. Èmi tí mò ń já ewé ni mo sọ ọ́: ẹ má dúró se àgbo. Ẹ̀yin ará Abígi, tọ́nà bá jìn, tọ́mọ ṣì ń gbé e mì, ẹ máa fún un mu títí tẹ́ ẹ ó fi débẹ̀.