Bí mo ṣe dá lẹ́tà àwọn owó-orí lóhùn

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́tà owó-orí lánàá, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ̀wé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Jọ́ọ̀sì níbí. Wọ́n ní mílíọ̀nù 18.4 ló wọ àkáǹtì mi, àmọ́ mílíọ̀nù 12.1 ni mo pè ní ọjà tí mo tà. Wọ́n wá to owó mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ mọ ibi tó ti wá.

Mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo gba sitétímẹ́ǹtì báǹkì, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì dáhùn bí wọ́n ṣe tò ó gan-an. Èkíní, mílíọ̀nù 2.4, owó àjọ tí mo ń gbà jọ fáwọn èèyàn ni. Fọ́tókópì ìwé àjọ ni mo pè ní A1. Èkejì, 1.9, láti àkáǹtì mi kejì ni. Sitétímẹ́ǹtì tibẹ̀ fi ọjọ́ kan náà hàn. Ẹ̀kẹta, 1.5, mo yá a lọ́wọ́ kọpurétíìfù, ìwé ẹ̀ wà. Ẹ̀kẹrin, ẹgbẹ̀rún 500, ọjà ni lóòótọ́, mo gbàgbé kọ ọ́ ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo gbà. Lójú tèmi, ìyẹn ni wọ́n fi gba mẹ́ta tó kù gbọ́.

Ẹ má fún wọn ní ojúlówó ìwé o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti bu iye owó-orí fún yín, ọjọ́ 30 péré lẹ ní láti kọ̀wé takò ó. Èmi, orí ẹgbẹ̀rún 500 yẹn nìkan ni mo sanwó lé.