Bí Alájọ Ṣe Máa Rí Áàpù Tuntun

Ká ní ọ̀dọ́ kan n'Íbàdàn ṣe áàpù tí alájọ lè fi ṣàkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà rẹ̀ dípò káàdì. Ó sọ ọ́ ní Ìrọ̀rùn, ó gbé e sórí App Store àti Google Play, àmọ́ ẹni tó ń gbé e wọ fóònù kò tó nǹkan. Alájọ tó ń wá irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò mọ Ìrọ̀rùn rí. Ohun tó fẹ́ ṣe ni yóò tẹ̀: `ajo`, `esusu` tàbí `daily savings`.

Orúkọ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́tà 30 péré ni ilé ìtajà méjèèjì gbà fún un, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sì wà lára rẹ̀. `Irorun: Ajo, Esusu Record` jẹ́ 25, ó sì sọ iṣẹ́ áàpù náà. Kò fi àmì ohùn sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Lẹ́yìn èyí, Apple fún un ní àkọlé kejì, lẹ́tà 30 náà ni. Ó kọ `Daily contribution tracker` síbẹ̀. Àyè mìíràn tún wà tí oníbàárà kì í rí, tó gba lẹ́tà 100 fún ọ̀rọ̀ ìṣàwárí:

```
adashi,savings,thrift,collector,customer,ledger,osusu,cooperative
```

Kọ́mà ló ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kò sí àlàfo, torí àlàfo náà ń jẹ àyè. `ajo` kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí ó ti wà nínú orúkọ. Ẹ̀rọ Apple lè so `daily` inú àkọlé kejì pọ̀ mọ́ `savings` tó wà níbí.

Google Play kò ní irú àyè ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàyé kúkúrú tó jẹ́ lẹ́tà 80 àti àlàyé gígùn tó lè tó 4,000 ló ń kà. Nítorí náà, inú gbólóhùn tó já gaara ni `adashi` àti `thrift` yóò ti jẹyọ. Ẹni tó bá to ọ̀rọ̀ jọ gbuurugbu síbẹ̀ ti rú òfin Google, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ki "best" tàbí "free" bọ inú orúkọ áàpù.

Ọ̀rọ̀ lè mú áàpù dé ojú ẹni tó ń wá a, àmọ́ àwòrán ojú áàpù ló máa ń mú kó tẹ̀ ẹ́. Lórí App Store, àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́ tó dúró lóòró lè hàn láàárín èsì ìṣàwárí. Àṣìṣe ọ̀dọ́ yìí ni pé ojú ìwé tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́. Àwòrán tó yẹ níwájú ni èyí tó fi orúkọ oníbàárà, iye tó dá lónìí àti àpapọ̀ owó rẹ̀ hàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńlá bíi mẹ́rin lókè rẹ̀.

Ojúlé App Store Connect àti Play Console máa ń fi iye hàn fún olùṣe áàpù. Bí ẹni tó rí áàpù bá kéré, ọ̀rọ̀ ni kó tún wò. Bí wọ́n bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn tó gbé e wọ fóònù kò tó nǹkan, kó kọ́kọ́ yẹ àwòrán wò. Kó má pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.