Bí ẹ ṣe lè darí àgbàlagbà tó ń sọ pé "ó dáa, ọmọ mi," tí kò sì ní ṣe é

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àgbàlagbà tó wà lábẹ́ yín níbi iṣẹ́, tí kì í bá yín jà, tí kì í gbó yín lẹ́nu, àmọ́ tí kì í ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe. Ẹni tó bá ń pariwo, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ, ọ̀gá á sì dá sí i. Ẹni tó dákẹ́ yìí ni wàhálà, torí ẹ lè má tètè mọ̀ pé kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí a má bàa dá ẹni náà mọ̀. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ náà. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú mi jẹ́ màmá kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí wọ́n ti lé ní ọdún 58. Èmi kò tíì pé 35. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí n tó wọ yunifásítì. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn wọn gan-an, torí wọ́n mọ bí a ṣe ń fi sùúrù wẹ arúgbó, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìbùsùn ẹnikẹ́ni tutù lábẹ́ rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe kò ju kí wọ́n ka èémí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀rọ kan wà tí a máa ń tì káàkiri wọ́ọ̀dù. Ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ń wọn ìlù ọkàn, ó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ka èémí. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ dúró, kó wo àyà aláìsàn bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sódò, kó sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìṣẹ́jú kan gùn tí èèyàn bá dúró láìṣe nǹkan mìíràn, pàápàá tí aago ìpè ń dún lẹ́yìn yín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń wo aláìsàn lójú, wọ́n á ní "ó ń mí dáadáa," wọ́n á kọ 18. Kì í ṣe màmá yìí nìkan o, mo ti rí ọmọdé tó ń ṣe é.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo ìlà èémí láti òkè délẹ̀: 18, 18, 18, 16, 18, 18. Ẹni tó ń sùn, 18. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, 18. Èémí àwọn ènìyàn kì í jọra báyẹn. Nígbà tí a ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ọ̀sán, mo ti sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá ráyè, ẹ bá wa máa ka èémí yẹn dáadáa." Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ni 18 bá tún kún ojú kọ̀ǹpútà.

Lóru ọjọ́ náà, bàbá òyìnbó kan wà ní ìbùsùn kẹrin, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ní aago 10, ohun tí màmá kọ sílẹ̀ nìyí: èémí 18, ọ́síjìn 95, ìlù ọkàn 98, ìfúnpá 118 lókè, ìgbóná ara 37.8. Bàbá wà lójúfò, kò lo ọ́síjìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, a ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NEWS2, tó ti wà láti ọdún 2017. Ó ń fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní máàkì, bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe pọ̀ tó. Ọ́síjìn 95 gba máàkì 1, ìlù ọkàn 98 gba 1, gbogbo ìyókù gba òdo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Ẹni tó ní 2, ó lè pé wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí a tó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò tíì tó agogo méjìlá òru nígbà tí mo lọ pààrọ̀ omi tó ń wọ ara ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé èjìká bàbá yìí ń lọ sókè sódò. Mo dúró, mo ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. 26. Mo tún un kà. 26. Èémí tó bá ti tó 25, máàkì 3 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan yòókù kò yí padà, ṣùgbọ́n 2 ti di 5. Tó bá ti di 5, a gbọ́dọ̀ pe dókítà kíákíá, a ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Dókítà dé, ó gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ya àwòrán àyà, òtútù àyà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lóru yẹn. Bàbá padà lọ sílé rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò dáa, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo lọ bá màmá níbi tí wọ́n dúró sí pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan, ọmọ tí wọ́n lè bí. Mo ní, "Mà, ẹ ò ka èémí bàbá yẹn rárá!" Òótọ́ ni mo sọ, ibi tí mo ti sọ ọ́ ló bà á jẹ́. Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Wọn ò tún bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Tí mo bá ní kí wọ́n mú nǹkan wá, wọ́n á mú un wá, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á yíjú. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ àwọn ìyá wa yẹn.

Ní nǹkan bí aago 4, mo po tíì méjì, mo gbé ọ̀kan fún wọn ní ilé ìdáná wọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì pé mo sọ̀rọ̀ níwájú ọmọdé. Mi ò tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ èémí, torí iyẹn kò ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà mi ò bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò kà á. Tí ẹ bá bi àgbà bẹ́ẹ̀, "má bínú" lẹ máa gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ṣe máa ń kà á hàn mí. Èmi ni kí ẹ ka tèmi."

Wọ́n fa aago tí wọ́n so mọ́ àyà jáde. Ojú aago náà kò ju bọ́tìnì aṣọ lọ, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. A kì í jẹ́ ká wọ aago ọwọ́ níbi iṣẹ́ níbí, torí ìmọ́tótó, aago ara ògiri sì wà lọ́dọ̀ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, kò ṣeé rí láti inú yàrá aláìsàn. Lóru, tí a bá ti pa iná, màmá yìí kò rí aago yẹn rárá. Ṣé wọ́n á wá sọ fún èmi, ẹgbẹ́ ọmọ wọn, pé ojú wọn kò ríran mọ́? Èkejì ni pé àwọn ọ̀gá tó ti kọjá ń pariwo lé wọn lórí pé kí wọ́n yára, kí wọ́n parí kó tó di aago 11. Lójú wọn, èmi náà wulẹ̀ jẹ́ ọmọdé kan tó gbé òfin tirẹ̀ dé, tó máa tó lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ẹni tí kò lè ṣe é àti ẹni tí kò fẹ́ ṣe é, bákan náà ni wọ́n rí lójú. "Ó dáa, ọmọ mi" kan náà ni àwọn méjèèjì máa sọ. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí ẹ mú ìdíwọ́ kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo yá wọn ní aago tèmi tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tó sì máa ń tàn lókùnkùn. Aláìsàn méjìlá ni wọ́n ní, ìyẹn ìṣẹ́jú méjìlá. Mo ní, "Fún àkókò yẹn, èmi ni máa dáhùn gbogbo aago ìpè." Nígbà tí wọ́n yí wọ́ọ̀dù ká ní aago 6, mo wo kọ̀ǹpútà: 14, 17, 20, 16, 22, 15. Ó rí ṣákálá, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Ká ní 18 ni gbogbo rẹ̀ tún jẹ́ ni, mi ò bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ojú.

Èmi náà ní ẹ̀bi. Ẹ padà wo gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ lò: "tí ẹ bá ráyè." Ìwà ọmọlúàbí la rò pé a ń hù tí a bá fi í kún un, torí kò rọ ẹnu wa láti pàṣẹ fún àgbà. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ "tí ẹ bá ráyè," tí kò sì ráyè, kò ṣẹ̀ yín. Ẹ ti fún un láṣẹ kó fi í sílẹ̀. Ní báyìí, báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ka èémí bàbá ìbùsùn kẹrin fún ìṣẹ́jú kan, kó tó di aago 2, kí ẹ wá sọ iye rẹ̀ fún mi." "Ẹ jọ̀ọ́" wà níbẹ̀, "mà" wà níbẹ̀, "ẹ" kò sì kúrò. Ṣùgbọ́n mo dárúkọ aláìsàn, mo dárúkọ àkókò, mo sì ní kí èsì padà sọ́dọ̀ mi. Tí aago 2 bá lu, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mi ò ní dúró di àárọ̀ kí n tó rí i lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ má ṣe é nípa gbogbo nǹkan o. Màmá yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ wíwẹ̀ láti ìbùsùn tó kẹ́yìn, èmi á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Kí ló kàn mí? Mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò lè ní àgbà ni, kí n mójú kúrò. Ìlànà NMC, tí í ṣe àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀, sọ pé tí mo bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, mo gbọ́dọ̀ rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, pé ó rí ìrànlọ́wọ́, pé ohun tó ṣe sì péye. Olùrànlọ́wọ́ kò sí nínú ìwé NMC, èmi ni mo wà níbẹ̀. Nítorí náà, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá ìbùsùn kẹrin sílẹ̀ fún máníjà. Mo kọ 26 pẹ̀lú àkókò tí mo kà á, mi ò pa 18 tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sọ fún màmá pé mo fẹ́ kọ ọ́, àti ohun tí mo fẹ́ kọ, títí kan ọ̀rọ̀ aago àti iná. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu máníjà kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn ti parí nìyẹn. Ká ní wọ́n ṣì ń kọ iye tí wọn ò kà lẹ́yìn tí wọ́n ti ní aago, máníjà ni ọ̀rọ̀ náà máa padà sí, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ tíì mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra pẹ̀lú Yorùbá tí ẹ máa sọ. Nínú ilé ìdáná, àwa méjì nìkan, Yorùbá ló tu ọkàn wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń sọ sí wọn, torí aláìsàn á rò pé òun la ń sọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á sì rò pé ẹ ń gbè sẹ́yìn ara yín.

Màmá ra aago tuntun, ó tóbi bí àwo kékeré, a fi í rín ara wa. Ní bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wá bá mi ní nǹkan bí aago 3 òru, mi ò pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyá ìbùsùn kẹsàn-án, 24 ni, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Dìde." Mo dìde.