Nọ́ńbà Ara Táyà: Èwo Ló Lè Rọ́pò Èwo?

"Ẹ̀gbọ́n, 195/65R15 ti tán o, ṣùgbọ́n 205/65R15 wà nílẹ̀. Ìkan náà ni wọ́n." Bí àwọn tó ń ta táyà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ó sì máa ń wọ oníbàárà létí, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá wá gbé 205/55R16 jáde, oníbàárà kan náà á ní èyí kò lè bá ọkọ̀ òun mu láéláé, nítorí pé kò sí nọ́ńbà tí kò yí padà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èyí tó ń sá fún yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá táyà àtijọ́ dọ́gba ní gíga. Kí a tó lè mọ táyà tó lè rọ́pò òmíràn, a ní láti ṣírò gíga rẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká fi 195/65R15 ṣe ẹsẹ̀ ìṣirò, torí òun ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Tòyótà Kòrólà tí à ń rí lójú títì. 195 ni ìbú táyà náà ní mìlímítà. 15 ni gíga rímù ní ínṣì. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rọ́bà, kò bá ìṣirò wa tan. Èyí tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni 65. Kì í ṣe mìlímítà, ìdá ni. Ó ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí rímù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀, ga tó ìdá 65 nínú 100 ìbú táyà yẹn. Nítorí náà, bí ìbú bá pọ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ náà á ga sí i, bí 65 kò tilẹ̀ yí padà.

Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Rímù 15 lọ́nà 25.4 jẹ́ 381. Ìdá 65 nínú 195 jẹ́ 126.75. Ẹ̀gbẹ́ táyà wà lókè rímù, ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó kà á lẹ́ẹ̀mejì: 253.5. Àròpọ̀ rẹ̀ ni mìlímítà 634.5. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
gíga = (rímù × 25.4) + (2 × ìbú × ìdá ÷ 100)
```

Ẹ jẹ́ ká wá wo 205/65R15. Rímù rẹ̀ kò yí padà, 381 náà ni. Ìdá 65 nínú 205 jẹ́ 133.25, ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ jẹ́ 266.5. Gíga rẹ̀ jẹ́ 647.5, ó fi mìlímítà 13 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó, ẹ pín 13 sí ọ̀nà 634.5, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Ó lé díẹ̀ ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún.

205/55R16 ńkọ́? Rímù 16 jẹ́ 406.4. Ìdá 55 nínú 205 jẹ́ 112.75, ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ jẹ́ 225.5. Àròpọ̀ jẹ́ 631.9. Ìyàtọ̀ jẹ́ mìlímítà 2.6 péré, kò tó ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Rímù ga sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà sì kúrú sí i, ọ̀kan dí àlàfo èkejì. Tòyótà fúnra wọn fi méjèèjì sẹ́sẹ̀ Kòrólà ọdún 2009 sí 2013.

Kí ni ìyàtọ̀ gíga ń ṣe nínú ọkọ̀? Ọkọ̀ kì í wọn títì. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ló ń kà, ó sì gbà pé táyà tí wọ́n fi ṣe é ló ṣì wà níbẹ̀. Táyà tó ga jù ń lọ jìnnà ju bó ṣe rò lọ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú 205/65R15, bí aago eré tí táyà àtijọ́ bá mu gẹ́lẹ́ bá ń fi 100 hàn, eré gidi á jẹ́ 102. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ kí aago náà fi eré tó ju ti gidi lọ díẹ̀ hàn, nítorí òfin àgbáyé kò gbà kó fi èyí tó kéré sí eré gidi hàn, èyí sì lè gbé ìdá 2 mì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 10,000 kìlómítà, ọkọ̀ yín á ti rìn tó 10,205 kí aago tó fi 10,000 hàn.

Àwọn onímọ̀ táyà máa ń fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ààlà. Lórí 634.5, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 19 sókè tàbí sísàlẹ̀. 195/60R15, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 615, ti bọ́ sódì ààlà náà díẹ̀. Ìdí tí ìyàtọ̀ kékeré kì í fi í dààmú ọkọ̀ kò jìnnà. Eyín táyà tuntun sábà máa ń tó mìlímítà 8. Àmì tó ń sọ pé ó ti jẹ tán wà ní 1.6. Nítorí náà, táyà kan náà á ti sọ nǹkan bí mìlímítà 13 nù ní gíga kó tó di ohun à ń sọ nù, ìyẹn ìdá 2. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi táyà gíga àti kúkúrú sórí áásù kan náà. Lára ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ara wọn, ìyàtọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn á jẹ́ kí jíà tó so wọ́n pọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, á sì gbóná títí yóò fi bà jẹ́.

Gíga nìkan kọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣírò 225/45R17: 431.8 àti 202.5, ó jẹ́ 634.3. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá pẹ̀lú táyà wa àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó nílò rímù tó fẹ̀ tó ínṣì 7 ó kéré tán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 101 dípò 127. Bó bá já sí kòtò, rọ́bà tí yóò gba ìpalára náà ti dín kù: rímù á tẹ̀, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ táyà wú bíi kókó. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n, bíi 91. Òun ló ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé. 91 jẹ́ kílò 615. Kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá ti so táyà tuntun náà tán, ẹ yí sítíárì dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì wò bóyá ó ń họ inú ibi tí ẹsẹ̀ wà.

Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí wà lórí sítíkà tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìkan náà ni wọ́n, ẹ ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.