Ìlú tí wọ́n bí wọn sí: bí a ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí orúkọ àti ààlà ti yí padà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ìdílé òrìṣà: níbo gan-an ni wọ́n ti bí baba ńlá tàbí ìyá ńlá wa kan? Ìdílé kan á ní Ọ̀yọ́ ni. Òmíràn á ní rárá, Abẹ́òkúta ni. Ẹlòmíràn á ní ará Bẹ̀nẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ọdún tí olúkúlùkù ń wò ló yàtọ̀. Ọ̀kan ń sọ orúkọ tí ilẹ̀ náà ń jẹ́ lọ́jọ́ ìbí, èkejì ń sọ orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Kì í ṣe olórìṣà, bíṣọ́ọ̀bù ni nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n irú ogun tó kó o lẹ́rú náà ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa dé Kúbà, òun sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Nítorí náà, a lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọn ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀.

Ó ní Òṣogùn ni ìlú òun. Ó kọ ọ́ báyìí: Ocho-gun. Ẹni tó bá ń wá orúkọ náà nínú ìwé àtijọ́ pẹ̀lú àkọtọ́ òde òní lè má rí i rárá. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun dé, tí wọ́n fi iná sí ilé, tí wọ́n sì kó òun, ìyá òun àti àwọn ọmọ ìyá òun lọ. Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn dé ni Ìsẹ́yìn, tó ní ó tó ogún máìlì sí ìlú àwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti yanjú ọ̀kan nínú àríyànjiyàn náà. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Àjàyí. Ṣùgbọ́n ní ojú tirẹ̀, Ìsẹ́yìn ni ibi tí òun ti kọ́kọ́ sùn gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ohun tó fa àṣìṣe náà ni pé Òṣogùn wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn lónìí. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ rí, ó sì sọ ọ́ di orúkọ ìlú.

Àwọn mìíràn ní Ẹ̀gbá ni, pé Abẹ́òkúta ni ìlú rẹ̀. Òótọ́ ni pé Abẹ́òkúta ni òun àti Àfàlá, ìyá rẹ̀, ti tún rí ara wọn ní ọdún 1846. Ṣùgbọ́n ọdún 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Nígbà tí ogun kó Àjàyí ní 1821, ìlú tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta kò tíì sí. Kò sí bí a ṣe lè bí ènìyàn sí ìlú tí wọn kò tíì tẹ̀ dó. Ìdánwò yìí rọrùn, ó sì wúlò fún ìtàn ìdílé tiwa náà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí baba yín àgbà sí, tí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní Kúbà sì fi hàn pé ó ti dé ibẹ̀ ní 1825, ọ̀kan nínú méjèèjì ti yẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ọ̀kan lára àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ ni, tí àwọn tó kù nílé padà lọ tẹ Abẹ́òkúta dó.

Bákan náà ni ti Èkó. Lẹ́yìn tí Àjàyí ti kọjá lọ́wọ́ oríṣiríṣi olówò, Èkó ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ tó sì kó wọn lọ sí Saró. Ìwé ọkọ̀ máa ń dárúkọ èbúté. Kì í dárúkọ ìlú ìbí. Ẹni tó bá rí Èkó tàbí Àjàṣẹ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló rí, kò tíì rí ilé.

Ó wá ku orúkọ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n bí Àjàyí, kò sí Nàìjíríà. Aláàfin ló ni ilẹ̀ náà, Ọ̀yọ́-Ilé sì ni ó ti ń jọba, kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí a ń lọ lónìí, èyí tí wọ́n tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ẹ̀wẹ̀, ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀yọ́ mẹ́ta nìyẹn, ẹni tó bá kọ Ọ̀yọ́ lásán kò tíì sọ èyí tó ń wí.

Ti Kétu tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba Alákétu jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ní 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà láàárín ara wọn, ìlú Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ́kọ tó wà lábẹ́ Alákétu sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n bí sí ìlú méjèèjì yìí ní 1850, ọmọ Kétu ni àwọn méjèèjì. Lónìí, wọ́n á pe ọ̀kan ní ọmọ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n á pe èkejì ní ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ Bẹ̀nẹ̀ náà kò pẹ́: Dàhómì ni orílẹ̀-èdè yẹn ń jẹ́ títí di 1975. Ìlú Ẹdó tí wọ́n ń pè ní Bìní kò sì sí nínú rẹ̀, Nàìjíríà ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ rí Bẹ̀nẹ̀ nínú ìtàn ìdílé yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Nínú àwọn ìwé Kúbà, a máa ń rí Lùkùmí Egguado. Ẹ̀gbádò ni. Ní 1995 ni àwọn ará Ẹ̀gbádò yí orúkọ wọn sí Yewa. Bí a bá fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́, òǹkàwé á rò pé òrìṣà Yewá ni wọ́n fi ń pe bàbá náà, orúkọ tó wà nínú ìwé á sì sọnù.

Nítorí náà, nínú àkọsílẹ̀ tiwa, nǹkan mẹ́ta ni a ń kọ tẹ̀lé ara wọn: ìlú náà bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà ìbí, ẹni tó ni ilẹ̀ nígbà náà, àti ibi tó bọ́ sí lónìí. Ti Àjàyí á rí báyìí: a bí i ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Aláàfin Ọ̀yọ́, lónìí, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nàìjíríà. Bí ìwé bá yàtọ̀ sí ìtàn ẹnu, a máa ń kọ méjèèjì, a sì máa ń sọ èyí tó jẹ́ ti ìwé àti èyí tó jẹ́ ti ìdílé.

Bí ó bá sì jẹ́ pé Lùkùmí nìkan ni ìwé ìrìbọmi sọ, Lùkùmí nìkan náà ni a ó kọ. A kì í mú ìlú kan láti fi dí àlàfo náà, nítorí ọmọ-ọmọ tó bá kà á lè gbéra lọ sí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, kó máa béèrè agbo ilé tí kò sí níbẹ̀ rí.